Páǹpù àgbò fún oko ẹ̀gbẹ́ òkè: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ púlọ́ńbà kan

Oko náà wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan lẹ́bàá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ní Èkìtì. Odò kékeré kan ń ṣàn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ láàárín àpáta, kì í sì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n òkè pátápátá ni tòmátì àti ata wà. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni wọ́n fi ń ru omi gòkè. Màmá olóko ti ra ẹ̀rọ afàmì tó ń mu bẹntiróòlù rí, àmọ́ owó tí ẹ̀rọ náà ń jẹ ti fẹ́ẹ̀ ju èyí tí ata ń mú wọlé lọ. Ó bẹ púlọ́ńbà tó bá a ṣe ilé pé kó wá wò ó bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Ọ̀gá wo odò, ó wo òkè, ó ní páǹpù àgbò ni yóò bá ibẹ̀ mu. Ó fi iṣẹ́ náà lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ ọdún 19 tó ti lo ọdún méjì àtààbọ̀ nídìí iṣẹ́, tí kò sì tíì fojú kan irú páǹpù bẹ́ẹ̀ rí.

Páǹpù yìí kì í mu epo, kì í sì í lo iná. Omi odò fúnra rẹ̀ ló ń ti díẹ̀ lára omi gòkè. Ẹni tó bá ti ti ẹnu ẹ̀rọ omi pa lójijì, tó gbọ́ tí páìpù inú ògiri dún gbàn, ti gbọ́ ohùn agbára tí páǹpù yìí ń lò. Omi tó ń sáré nínú páìpù wúwo, bí a bá sì dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo eré rẹ̀ á di agbára tó ń ti nǹkan. Ní ọdún 1772, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, John Whitehurst, ti fi irú agbára yìí gbé omi sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà tó sì ń tì í. Joseph Montgolfier ará Faransé, ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin méjì tí bálúùnù wọn gòkè ní 1783, ló ṣe èyí tó ń ṣí tó sì ń tì fúnra rẹ̀, ní 1796. Òun náà ló fi orúkọ àgbò pè é ní èdè wọn, nítorí bó ṣe ń fi orí kàn.

Ọjọ́ kìíní: wíwọn odò àti òkè

Ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí ọjà: iye omi tí odò ń mú wá, àti bí ilẹ̀ ṣe ga sí. Ọmọ iṣẹ́ náà fi àpò iyẹ̀pẹ̀ mẹ́fà dí odò níbi tó ti fún láàárín àpáta méjì, ó ki páìpù ínṣì mẹ́ta kan sí i láàárín kí gbogbo omi lè gba ẹnu ẹyọ kan jáde, ó wá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 sábẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 13 ló fi kún. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ìwọ̀n, èsì náà kò sì yà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Èyí jẹ́ lítà 92 ní ìṣẹ́jú kan, oṣù kejì ọdún sì ni, nígbà tí odò kéré jù. Àwọn kan ń pọn omi nísàlẹ̀, nítorí náà wọ́n fẹnu kò pé páǹpù kò gbọdọ̀ gbà ju lítà 40 lọ.

Ní ti gíga, ojú ni ọmọ iṣẹ́ náà kọ́kọ́ fi wò ó. Ó ní láti ibi ìdídò sí ibi àpáta pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀, tí páǹpù lè jókòó sí, yóò tó mítà márùn-ún. Ọ̀gá ní kó lọ mú rọ́bà lẹ́fẹ́ẹ̀lì wá, rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà ń bu omi sí kí wọ́n tó mọ ògiri. Orí omi máa ń dọ́gba ní ẹnu méjèèjì rọ́bà náà, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣe rí láàárín wọn. Wọ́n fi ọ̀pá tí a sàmì sí wọn ìyàtọ̀ náà ní ipele mẹ́ta: 1.10, 0.95 àti 0.95. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́ta géérégé. Ojú máa ń tan ènìyàn jẹ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nítorí pé gígùn ọ̀nà ló ń rí, kì í ṣe gíga. Bákan náà ni wọ́n wọn ọ̀nà òkè, ipele lórí ipele, títí dé ibi tí ẹnu táǹkì yóò wà, wọ́n sì rí mítà 15 láti ojú omi ìdídò.

Ìṣirò rẹ̀ kò le:

```
q = Q × H × e ÷ h
```

Q ni lítà tí páǹpù ń gbà ní ìṣẹ́jú kan, H ni gíga tí omi fi ń sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, h ni gíga tí yóò gbé omi dé, q sì ni lítà tí yóò dé òkè. Lẹ́tà e dúró fún ìpín agbára tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ìfarakanra omi mọ́ páìpù àti fáàfù bá ti jẹ tirẹ̀. Fún èyí tí a fi ọwọ́ ṣe, a máa ń fi í sí 0.5, bó bá sì jẹ́ 0.4 kò yani lẹ́nu.

Ọmọ iṣẹ́ náà fi 15 sí ipò h, ó rí lítà mẹ́rin, inú rẹ̀ dùn.

Ọ̀gá bi í pé, “Níbo ni omi tó ń gòkè ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀?”

“Láti ìdídò ni, sà.”

“Ó ti sọ̀kalẹ̀ kúrò níbẹ̀. Inú páǹpù ló ti ń gbéra.”

Nítorí náà h jẹ́ 15 pẹ̀lú 3, ìyẹn 18. Ìṣirò tuntun fún wọn ní lítà 3.3 ní ìṣẹ́jú kan. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí àwọn ènìyàn sọ pé páǹpù àwọn “kò dé ojú àmì” nígbà tó jẹ́ pé àmì náà ni kò tọ́.

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta: páìpù ìsọ̀kalẹ̀

Páìpù ìsọ̀kalẹ̀ ni èyí tó ń gbé omi láti ìdídò wá sínú páǹpù. Ọmọ iṣẹ́ náà fẹ́ ra páìpù oníke funfun nítorí pé owó rẹ̀ kéré, ó sì fúyẹ́ láti gbé sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá kọ̀, ó ní irin onísíǹkì ni wọn yóò rà, ínṣì kan àtààbọ̀. Kò kọ̀ ọ́ nítorí pé oníke lè bẹ́ nìkan. Nígbà tí fáàfù bá tì lójijì, ìkànlù náà máa ń sáré padà nínú páìpù bí ìgbì. Nínú irin, ó ń sáré tó mítà 1,300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n nínú páìpù oníke kò ju nǹkan bí 400 lọ, nítorí pé ara oníke máa ń wú díẹ̀, á sì gba ìkànlù náà mọ́ra. Bí omi méjèèjì bá ń sáré bákan náà, agbára tí oníke yóò fún wa kò ní ju ìdá mẹ́ta ti irin lọ. Páǹpù lè ṣiṣẹ́ lórí oníke, ọ̀pọ̀ ló sì wà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí òkè bá ti jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ìsọ̀kalẹ̀ bí ti ibí yìí, kò sí agbára tí a lè fi ṣòfò.

Gígùn páìpù náà ní òfin tirẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta sí méje gíga ìsọ̀kalẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò. Bó bá kúrú jù, omi inú rẹ̀ kò ní wúwo tó láti kàn, àti pé ìkànlù yóò kàn ti omi padà sínú ìdídò. Bó bá gùn jù, ìfarakanra omi mọ́ ara páìpù ni yóò jẹ eré omi run. Mítà mẹ́fà ni ọ̀pá irin kan, wọ́n ra mẹ́ta, ó di mítà 18, ìlọ́po mẹ́fà. Omi tí irú páìpù bẹ́ẹ̀ gbà wọn tó kílò 23. Ẹ fojú inú wo àpò ìrẹsì kékeré kan tó ń rìn bí ẹni tó ń yára lọ sí ọjà, tó sì forí sọ ògiri: bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Wọ́n fi sọ́kẹ́ẹ̀tì so wọ́n pọ̀, òwú àti ọ̀dà ni wọ́n fi dí ojú tíréèdì, nítorí tépù funfun nìkan kì í fara da ìgbọ̀nrìrì fún ìgbà pípẹ́. Òkúta ni wọ́n tò sábẹ́ páìpù ní mítà méjì-méjì kó má baà tẹ̀ láàárín. Kò sí élíbò kankan. Ibi tí páìpù bá ti wọ́ gòkè díẹ̀ kó tó tún sọ̀kalẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti máa ń sápamọ́ sí, afẹ́fẹ́ inú páìpù ìsọ̀kalẹ̀ sì dà bí tìmùtìmù tí a fi bo orí àgbò. Fún ìdí kan náà, ẹnu òkè páìpù wọ inú omi ìdídò ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Bó bá súnmọ́ ojú omi jù, omi á máa yí bíríbírí, á sì máa fa afẹ́fẹ́ wọlé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke tí wọ́n fi ìṣó gbígbóná dá ihò sí ara rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe asẹ́ sí ẹnu náà.

Ọjọ́ kẹrin: títo páǹpù

Wọ́n da kọnkéré pẹlẹbẹ kan sórí àpáta, ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 45 ní ìbú, 15 ní nínípọn. Ìdámẹ́rin àpò sìmẹ́ńtì tó o. Wọ́n ri bóòtì mẹ́rin sínú rẹ̀ kó tó gbẹ, torí pé páǹpù tí kò bá dúró ṣinṣin yóò máa fò, gbogbo ìfò rẹ̀ sì jẹ́ agbára tí kò dé òkè.

Bí a ṣe tò ó nìyí, láti ibi tí omi ti ń wọlé. Lẹ́yìn páìpù ìsọ̀kalẹ̀, fáàfù ìtìpa kan, lẹ́yìn rẹ̀ yúníọ̀nì kan kí a lè tú páǹpù kúrò láìgé nǹkan kan. Lẹ́yìn náà tíì kan, tí ẹ̀ka rẹ̀ kọjú sókè. Orí ẹ̀ka yìí ni fáàfù ìta wà, èyí tó ń da omi sílẹ̀ tó sì ń tì. Níwájú gbọngbọn ni fáàfù inú wà, tó ń jẹ́ kí omi kọjá, tí kì í jẹ́ kó padà. Lẹ́yìn fáàfù inú, tíì kejì, tí àgbá afẹ́fẹ́ jókòó lé lórí, lẹ́yìn rẹ̀ géèjì, fáàfù kékeré, àti páìpù ìgòkè. Ìdajì ìbú páìpù ìsọ̀kalẹ̀ tó fún páìpù ìgòkè, nítorí náà rólù dúdú ínṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wọ́n rà, mítà 90, tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ.

Fáàfù méjèèjì jẹ́ idẹ. Èyí tó wà nínú ní sípíríìngì, ọfà ara rẹ̀ sì kọjú sí àgbá. Ti ìta ni kì í ní sípíríìngì, ahọ́n tó ń mì ló wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọmọ iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe. Ó dì í bí wọ́n ṣe ń dì í nílé, ọfà sókè, síbi tí omi ń lọ. Ọ̀gá ní kó tú u. Ọfà gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀, sí inú tíì. Bí a bá dì í báyìí, ahọ́n á kọ́ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹnu á wà ní ṣíṣí, omi á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Bí omi náà bá ti ń sáré sí i ni yóò máa fa ahọ́n sókè, títí tí yóò fi gbá a mọ́ ẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọfà sókè, omi á ṣí i, kò sì ní tì láé.

Àgbá afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi páìpù oníke ínṣì mẹ́rin ṣe, àádọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí mọ́ lókè. Irú èyí tí wọ́n fi ń gbé omi ìdọ̀tí kúrò nílé ìwẹ̀ ni, ó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́ karùn-ún: kò gbéra

Wọ́n ṣí gbogbo fáàfù, omi tú jáde, ahọ́n tì lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ariwo, ó sì dákẹ́. Ọmọ iṣẹ́ náà fi ìka tẹ̀ ẹ́ ṣí, omi tú, ó tún tì, ó tún dákẹ́. Ó rò pé ahọ́n há ni, ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà. Bákan náà ló ṣe.

Ahọ́n kò há rárá, òkè ló ṣófo. Lẹ́yìn ìkànlù kọ̀ọ̀kan, fáàfù inú máa ń tì, omi inú páìpù ìsọ̀kalẹ̀ á sì fà sẹ́yìn díẹ̀, bí bọ́ọ̀lù tó lu ògiri tó sì padà. Ìfàsẹ́yìn yìí ló ń jẹ́ kí ahọ́n lè jábọ́ kó sì ṣí. Bí kò bá sí nǹkan kan tó ń ti omi padà láti òkè, kò sí ògiri tí bọ́ọ̀lù yóò lù. Omi kàn ń gba fáàfù inú kọjá lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìsọ̀kalẹ̀ mítà mẹ́ta náà sì tó láti di ahọ́n mú ní títì.

Wọ́n ti fáàfù kékeré tó lọ sí òkè pa. Ọmọ iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò tẹ ahọ́n: ó tì, ó tẹ̀ ẹ́, ó tì, ó tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ géèjì ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ inú àgbá ti ń fún pọ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà 27, ahọ́n jábọ́ fúnra rẹ̀. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Ó yọ ọwọ́ kúrò. Wọ́n ṣí fáàfù kékeré díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí, wọ́n sì ń ṣọ́ géèjì kó má baà wálẹ̀. Bí páìpù òkè ṣe ń kún ni wọ́n ń ṣí i sí i. Ó tó wákàtí kan kí omi tó yọ lẹ́nu táǹkì, màmá olóko ló sì kọ́kọ́ rí i, ó pariwo láti òkè. Géèjì dúró sí báà 1.8, èyí tí ó yẹ fún mítà 18.

Ọjọ́ kẹfà: ìwúwo ahọ́n

Bí ahọ́n bá ṣe fúyẹ́ sí ni yóò ṣe tètè tì sí. Èyí tó ti ilé ìtajà wá fúyẹ́ gan-an: ìkànlù 96 ní ìṣẹ́jú kan, lítà 1.6 péré sì ló ń dé òkè. Omi kò tíì sáré tó kí ahọ́n tó dá a dúró. Ọ̀gá ní kó lu ihò kan sí àárín ahọ́n, kó ki bóòtì kékeré sí i, kó máa fi wọ́ṣà kún un lẹ́yọ-lẹ́yọ. Ìdérí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù náà tí a lè tú láti ṣe èyí.

Ó jókòó sórí àpáta pẹ̀lú fóònù láti ka àkókò, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lókè lọ́dọ̀ màmá, bọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn nísàlẹ̀ lábẹ́ fáàfù ìta. Wọ́ṣà méjì: ìkànlù 71, lítà 2.4 lókè. Wọ́ṣà mẹ́rin: ìkànlù 56, lítà mẹ́ta lókè, lítà 37 tó dà sílẹ̀. Wọ́ṣà márùn-ún: ìkànlù 44, lítà 3.1 lókè, ṣùgbọ́n lítà 52 ló dà sílẹ̀. Ó fi ẹ̀kẹfà sí i, ahọ́n kọ̀ láti tì, omi kàn ń tú bí ẹni tó gbàgbé ẹ̀rọ omi ní ṣíṣí.

Ó fẹ́ dúró lórí márùn-ún nítorí pé ó gbé omi jù.

Ọ̀gá ní, “Ṣírò rẹ̀ kó o tó sọ̀rọ̀.”

Pẹ̀lú wọ́ṣà mẹ́rin, páǹpù gba lítà 40, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì gun mítà 18: 3 × 18 pín sí 40 × 3, ó jẹ́ 0.45. Pẹ̀lú márùn-ún, ó gba lítà 55 kó tó lè fi ìdámẹ́wàá lítà kún ti tẹ́lẹ̀, ìpín náà sì já wálẹ̀ sí 0.34. Ìyẹn ni pé ó gba lítà 15 lọ́wọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò, ó sì ń kàn ìdè páìpù líle-líle nítorí ìdámẹ́wàá lítà. Wọ́n padà sórí mẹ́rin. Lítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan kò jọ nǹkan lójú ẹni tó mọ ẹ̀rọ abẹntiróòlù, kò tó ife kékeré kan ní ìkànlù kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kì í sùn. Tọ̀sán-tòru, ó jẹ́ lítà 4,320, kẹ́ẹ̀gì 172 tí orí ẹnikẹ́ni kò rù. Táǹkì lítà 1,000 tí màmá ní kún láàárín wákàtí márùn-ún àtààbọ̀, ó sì di dandan kí wọ́n gbẹ́ kòtò kan tí wọ́n fi tapólì tẹ́ sínú fún èyí tó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún: àgbá bẹ́

Ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí wọ́n fi páǹpù sílẹ̀, màmá pe ọmọ iṣẹ́ náà pé omi ti dá. Nígbà tó débẹ̀, àgbá oníke ti là láti ìdí ìdérí dé ìdajì, omi sì ń tú dànù níbẹ̀.

Ó bi màmá bóyá ohùn páǹpù yí padà kó tó bẹ́. Màmá ní láti bí ọjọ́ mẹ́ta ni ó ti ń dún bíi pé ẹnìkan ń fi òòlù lu irin, tí omi ẹnu táǹkì sì ń tú jáde ní ìtọ́-ìtọ́, tí kò ṣàn gbọọrọ mọ́. Àmì méjèèjì yìí kò ṣé ṣì mú: àgbá ti kún fún omi, kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá wo géèjì, ọwọ́ rẹ̀ náà á máa fò sókè sódò dípò kó máa mì díẹ̀.

Lítà méje ni àgbá náà gbà. Lábẹ́ mítà 18 omi, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fún pọ̀ di bí ìdá mẹ́ta, lítà méjì àtààbọ̀ péré. Omi tó wà lábẹ́ irú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń mu afẹ́fẹ́, bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti ń di gáàsì mú, ó sì ń gbé e lọ sí òkè pẹ̀lú ìkànlù kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbẹ̀yìn kò ṣẹ́ ku tìmùtìmù kankan. Ìkànlù 56 ní ìṣẹ́jú kan bá ń lu ògiri oníke tín-ínrín tí wọ́n ṣe fún omi ìdọ̀tí tí kì í ní ìfúnpọ̀ rárá. Ó ya ni lẹ́nu pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà. Ọ̀kan ni láti dá ihò mílímítà kan àtààbọ̀ sí ara páìpù lábẹ́ fáàfù inú. Nígbà ìfàsẹ́yìn, ihò náà á fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé, ìkànlù tó tẹ̀lé e á sì gbé afẹ́fẹ́ náà sínú àgbá. Ó dára, ọ̀pọ̀ páǹpù ńlá ló ní i, ṣùgbọ́n odò yìí ń gbé iyanrìn lẹ́bùú nígbà òjò, ihò tó kéré bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ dí. Ọ̀nà kejì ni tíúbù kẹ̀kẹ́: afẹ́fẹ́ tó wà nínú rọ́bà kò fara kan omi, omi kò sì lè mu ún. Èyí ni wọ́n yàn.

Wẹ́dà gé páìpù irin ínṣì mẹ́rin ní àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà fún wọn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ di sọ́kẹ́ẹ̀tì ínṣì kan àtààbọ̀, òkè rẹ̀ ní ìdérí pẹlẹbẹ oníbóòtì mẹ́fà, tí wọ́n fi rọ́bà tíúbù ọkọ̀ akẹ́rù ṣe wọ́ṣà sí lábẹ́. Ọ̀gá ní kí wẹ́dà fi irin tín-ínrín méjì dá àgbélébùú sí ìsàlẹ̀ nínú. Bí kò bá sí èyí, tíúbù lè sọ̀kalẹ̀ wá dí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ iṣẹ́ náà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí tíúbù, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò títí tó fi rọ̀ bí ọsàn tó pọ́n, kò jẹ́ kó le. Ó ká a lọ́nà mẹ́rin, ó fi okùn dè é, ó tì í wọlé. Tíúbù tó bá le jù kò ní í ní àyè láti wú àti láti sún kì nínú àgbá, èyí tí kò bá sì ní afẹ́fẹ́ tó yóò pẹlẹbẹ mọ́ ara rẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọ́n dè é padà. Ó tẹ ahọ́n ní ìgbà mọ́kànlá péré kó tó gbéra, nítorí pé páìpù òkè ṣì kún: màmá ti yára ti fáàfù kékeré pa nígbà tí àgbá bẹ́, kò sì jẹ́ kó ṣàn padà. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìṣáájú: kọ́ tó rọ̀, tí ó dà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àlejò. Ìkànlù 56. Lítà mẹ́ta. Ẹnu táǹkì ń ṣàn bí okùn.

Ìkìlọ̀ kan ló kù tí wọ́n sọ fún màmá. Nígbà òjò, bí odò bá kún dé orí kọnkéré, omi tó wà lábẹ́ páǹpù á ti ga, gíga ìsọ̀kalẹ̀ á sì dín kù. Mítà mẹ́ta lè di méjì, lítà mẹ́ta á sì di méjì tàbí kó má tilẹ̀ kàn mọ́. Kò bàjẹ́ nìyẹn. Kí ó ti fáàfù ìtìpa, kí ó tú yúníọ̀nì, kí wọ́n gbé páǹpù náà gòkè títí odò yóò fi fà. Ata kò nílò omi rẹ̀ lásìkò yẹn.

Ní oṣù kẹrin, ọmọ iṣẹ́ náà bá ọ̀gá rẹ̀ lọ gbé páìpù mìíràn lọ sí ilé kan ní apá ibẹ̀. Wọ́n ṣì wà lójú ọ̀nà lókè tó fi dúró.

“Sà, ó ń sáré jù.”

Ọ̀gá tẹ́tí. Ó wo aago rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ náà ti gbé páìpù sílẹ̀, ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò. Ewé gbígbẹ ti dí ìdajì ihò asẹ́, ẹyọ kan sì ti gba inú ọ̀kan tó fẹ̀ jù wọlé, ó dì mọ́ àárín ahọ́n àti etí fáàfù, tí kò jẹ́ kí ahọ́n ṣí tán. Ìkànlù 83. Ó tú ìdérí ẹ̀gbẹ́, ó fi ìka méjì fa ewé náà jáde, ó gbọn asẹ́ nù, ó dè é padà, ó sì tẹ ahọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó kà á fún ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́: 57.